Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá ṣàdédé fò sókè nínú ìwé owó oṣù: ohun tó yẹ kí ímeèlì yín sí agbanisíṣẹ́ sọ

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, ọ̀gá. Iléeṣẹ́ kan tó ń pín ọjà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ju ogójì òṣìṣẹ́ lọ. ₦250,000 ni owó oṣù mi: ₦100,000 jẹ́ owó ìpìlẹ̀, ₦50,000 jẹ́ owó ilé, ₦25,000 jẹ́ owó ọkọ̀, ₦75,000 tó kù wà fún oúnjẹ àti àwọn nǹkan mìíràn. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2026, wọ́n yọ ₦14,000 níwájú PENSION àti ₦25,400 níwájú PAYE. Ní oṣù kẹta, PAYE kò yí padà, ṣùgbọ́n PENSION di ₦31,500, ₦193,100 péré ló sì wọ àkáǹtì mi. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún wa. Mo fẹ́ kọ ímeèlì sí wọn, àmọ́ n kò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń pe ọ̀gá mi lólè. Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ₦31,500 yẹn wò, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó bá mọ ohun tó wà nínú owó tí wọ́n yọ lè béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, láì gbé ohùn sókè.

Àwọn ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń wò nínú owó oṣù láti mọ iye owó ìfẹ̀yìntì: owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀. Tiyín jẹ́ ₦175,000 lápapọ̀. Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ yóò sì dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ìdá 8 nínú ₦175,000 jẹ́ ₦14,000, èyí tí ẹ ti ń rí láti oṣù kìíní. Ìdá 10 nínú owó kan náà jẹ́ ₦17,500. Bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, ₦31,500 ni yóò bọ́ sí, láì lé, láì dín. Ohun tó ṣeé ṣe jù lọ pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìpín tó yẹ kí iléeṣẹ́ san láti inú àpò tirẹ̀ ni wọ́n ti kó mọ́ ìpín yín, tí wọ́n sì yọ gbogbo rẹ̀ lára owó oṣù yín.

Òfin náà fún agbanisíṣẹ́ láṣẹ láti yọ ìpín òṣìṣẹ́ lára owó oṣù kí ó tó san án. Ìpín òṣìṣẹ́ ni àṣẹ yẹn mọ sí. Ìpín agbanisíṣẹ́ jẹ́ gbèsè tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ, ó sì di dandan fún iléeṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogójì òṣìṣẹ́ tí ẹ mẹ́nu kàn ti fi tiyín sínú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ìwé owó oṣù náà fúnra rẹ̀, níwájú PAYE, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í wò nígbà tí wọ́n bá ń béèrè ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, wọn kì í gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ọdún, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ dá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí náà. Owó oṣù yín lọ́dún jẹ́ ₦3,000,000. Bí a bá yọ ₦14,000 lọ́nà méjìlá, tí í ṣe ₦168,000, yóò ku ₦2,832,000. Bí a bá tún yọ ₦800,000 kúrò, ₦2,032,000 ni owó orí yóò dé orí rẹ̀, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦304,800 lọ́dún. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, yóò fún yín ní ₦25,400.

Iye yẹn gan-an ló wà nínú ìwé yín ní oṣù kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣètò owó oṣù gbà pé ₦31,500 ni ìpín tiyín ní tòótọ́, owó orí yín ìbá ti lọ sílẹ̀ sí ₦22,775. Kò lọ sílẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ní ibi tí wọ́n ti ṣírò owó orí, ₦14,000 ni iléeṣẹ́ ṣì mọ̀ sí tiyín, ṣùgbọ́n ní ibi tí wọ́n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, ₦31,500 ni wọ́n yọ. Ìlà méjì nínú ìwé kan ṣoṣo ń ta ko ara wọn. Nínú ìrírí mi, irú ìtakora báyìí sábà máa ń wá láti inú àṣìṣe nínú sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò owó oṣù: ẹnì kan ti fi ìpín agbanisíṣẹ́ sí abẹ́ ohun tí a ń yọ, nígbà tó yẹ kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí iléeṣẹ́ ń san. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà yín níyànjú pé kí ẹ béèrè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá àlàyé.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ ro àwọn ohun mìíràn tó lè fa irú rẹ̀, kí wọ́n má baà fi wọ́n dá yín lóhùn láìrò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti yọ ti oṣù kan tí wọ́n wá ń yọ ọ́ padà, ₦28,000 ni ì bá jẹ́, nítorí ₦14,000 lọ́nà méjì ni, yàtọ̀ sí pé oṣù kìíní àti oṣù kejì ti hàn pé wọ́n yọ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ àfikún owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fínnúfíndọ̀ dá, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà. Àwọn iléeṣẹ́ kan tún máa ń kọ ìpín méjèèjì pa pọ̀ kí òṣìṣẹ́ lè rí gbogbo ohun tó ń lọ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ní irú àyè bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fi ₦17,500 kún owó tó wọlé lókè kí wọ́n tó yọ ọ́ nísàlẹ̀, kò sì ní sí ìyàtọ̀ kankan nínú ohun tó wọ báńkì. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ₦210,600 ni ẹ ti bọ́ sí ₦193,100, owó ọwọ́ yín ló sì dín.

Ibì kan ṣì kù tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó fi ímeèlì ránṣẹ́: àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ẹ lè rí i lórí áàpù wọn, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fi ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ náà máa ń ya ìpín òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìpín agbanisíṣẹ́, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ẹ bá rí i pé ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, ₦14,000 wọlé gẹ́gẹ́ bíi tiyín, ₦17,500 sì wọlé gẹ́gẹ́ bíi ti iléeṣẹ́, a jẹ́ pé iléeṣẹ́ ti ń san tirẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, oṣù kẹta nìkan ni nǹkan yí. Bí ó bá jẹ́ pé ₦14,000 nìkan ló ti ń wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé iléeṣẹ́ kò tíì san ìpín tirẹ̀ rí nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wọn létí ni, tí wọ́n wá gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí. Bí kò bá sì sí ohunkóhun tó wọlé, a jẹ́ pé owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ yín kò dé ibi tó ń lọ. Ẹ rántí pé ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti fi owó náà ránṣẹ́, nítorí náà, bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ ní ọjọ́ kejì owó oṣù, tí ẹ kò sì rí ti oṣù kẹta, ẹ má tíì sọ pé wọn kò san án.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín jáde, kí ẹ sì ka ibi tó sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù lẹ́ẹ̀kan sí i, ní sùúrù. Àwọn ìwé kan kàn sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦250,000. Àwọn mìíràn sọ pé ₦250,000 ni àpapọ̀ gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ yóò ná lórí òṣìṣẹ́, tó fi mọ́ ìpín iléeṣẹ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì. Bí tiyín bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ yín dúró lórí àpáta. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, iléeṣẹ́ yóò ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí, ìbéèrè yín yóò sì yàtọ̀ díẹ̀: kí ló dé tí wọn kò fi yọ ọ́ ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, ta ló sì fọwọ́ sí ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta? Ẹ má fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ láìkà. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó kọ lẹ́tà gígùn tó kún fún ìbínú, tí iléeṣẹ́ sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo láti inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí dá a lóhùn.

Ní ti ẹni tí ẹ máa kọ ọ́ sí, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó tọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé owó tó ń ṣètò owó oṣù. Ẹ má tíì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà pátápátá. Bí orúkọ ọ̀gá àgbà bá ti wà lórí ímeèlì àkọ́kọ́, ẹni tó ṣe àṣìṣe yóò máa gbèjà ara rẹ̀ dípò kí ó tún un ṣe, ẹ̀yin pẹ̀lú kò sì ní ní ibi tí ẹ ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ mọ́ bí wọ́n bá dákẹ́. Ohun tí mo máa kọ bí mo bá wà ní ipò yín nìyí:

Àkòrí: Ìbéèrè nípa ₦31,500 níwájú PENSION nínú ìwé owó oṣù kẹta ọdún 2026

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.

Mo ń kọ̀wé láti béèrè àlàyé lórí ìlà kan nínú ìwé owó oṣù mi ti oṣù kẹta ọdún 2026.

Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, ₦14,000 ni ó wà níwájú PENSION. Ní oṣù kẹta, ó di ₦31,500, bẹ́ẹ̀ owó oṣù mi kò yí padà. Nítorí náà, ₦193,100 ni ó wọ àkáǹtì mi, dípò ₦210,600 tí mo gbà ní oṣù méjèèjì tó ṣáájú.

Owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ mi jẹ́ ₦175,000 lápapọ̀. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé ₦17,500 tó lé yìí jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó sì jọ pé ìpín iléeṣẹ́ ni. Mo tún kíyè sí i pé PAYE mi ṣì jẹ́ ₦25,400, èyí tó bá ₦14,000 mu gẹ́gẹ́ bí ìpín tèmi. Ó lè jẹ́ pé ìdí mìíràn wà tí n kò mọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ iye tó jẹ́ ìpín tèmi àti iye tó jẹ́ ìpín iléeṣẹ́ nínú ₦31,500 náà. Bí ìlànà bá ti yí padà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìwé tó gbé ìyípadà náà jáde ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àṣìṣe, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dá ₦17,500 náà padà pẹ̀lú owó oṣù kẹrin, kí ó sì hàn nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe sí owó tí a yọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àfikún owó oṣù.

Mo so ìwé owó oṣù kejì àti ti oṣù kẹta mọ́ ímeèlì yìí, pẹ̀lú ojú ewé ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi tó sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù. Inú mi yóò dùn bí mo bá lè gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin tàbí kí ó tó dìgbà náà, kí àtúnṣe tó bá yẹ lè wọlé kí ẹ tó parí ètò owó oṣù náà.

Ẹ ṣeun, ọ̀gá.

Orúkọ yín, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ yín àti ẹ̀ka tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Bí iléeṣẹ́ yín bá ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ má yí ètò rẹ̀ padà: ohun tí ẹ rí, ìṣirò rẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò dárúkọ òfin kankan nínú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi òfin na agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lójú máa ń rí i pé agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ló máa fèsì, èsì agbẹjọ́rò kì í sì í yá. Ìṣirò ni ẹ gbé síwájú wọn, nítorí akọ̀wé owó lè yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀ tí ó ní láti kọ́kọ́ fọ ara rẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀.

Gbólóhùn tó sọ pé ìdí mìíràn lè wà tí ẹ kò mọ̀ ṣe pàtàkì sí ohun tí ẹ bẹ̀rù, pé kó má dà bíi pé ẹ ń pe ọ̀gá yín lólè. Ó fún un láyè láti sọ pé àṣìṣe ni láìsí ìtìjú. Kò sì mú ohunkóhun kúrò nínú ẹ̀tọ́ yín, nítorí pé iye owó, oṣù àti ìwé tí ẹ so mọ́ ọn ti wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣe kọ pé ẹ gbà pẹ̀lú ohun tí wọ́n yọ, ẹ má sì kọ pé kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni lójú yín, àmọ́ ẹnì kan lè kà á bí ìfọwọ́sí lọ́jọ́ iwájú.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí mo fi síbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ òfin. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń parí ètò owó oṣù ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń san án, nígbà mìíràn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, bí ímeèlì yín bá sì dé lẹ́yìn ìyẹn, oṣù karùn-ún ni àtúnṣe yóò tó wọlé, ₦17,500 mìíràn yóò sì ti tún lọ. Bí ẹ bá mọ ọjọ́ tí tiyín máa ń parí, ẹ fi ọjọ́ bíi márùn-ún ṣáájú rẹ̀ dípò ọjọ́ tí mo kọ.

Ní ti èsì tó lè wá, èyí tó rọrùn jù ni pé wọ́n á ní àṣìṣe ni, wọ́n á tún un ṣe. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè bóyá ₦17,500 tó jẹ́ ìpín iléeṣẹ́ fún oṣù kẹta yóò ṣì wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín láti ọ̀dọ̀ wọn. Ohun méjì ni àtúnṣe náà ní nínú, ọ̀kan sì rọrùn láti gbàgbé: kí wọ́n dá owó yín padà fún yín, kí iléeṣẹ́ sì san tirẹ̀. Bí wọ́n bá dá owó yín padà ṣùgbọ́n tí iléeṣẹ́ kò san ìpín tirẹ̀, ₦14,000 nìkan ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀ fún oṣù kẹta, ẹ̀yin lẹ ó sì pàdánù ní ọjọ́ ogbó.

Èsì kejì ni pé ètò tuntun ni, pé gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún. Èyí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin. Pé ó kan gbogbo èèyàn kò sọ ìpín agbanisíṣẹ́ di ìpín òṣìṣẹ́. Ìgbà yìí ni ẹ lè wá dárúkọ Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 nínú ímeèlì kejì, kí ẹ sọ pé gẹ́gẹ́ bí òye yín, ìdá 8 ni wọ́n lè yọ lára owó oṣù yín, ìdá 10 sì jẹ́ ti iléeṣẹ́, kí ẹ wá béèrè ibi tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín ti yí èyí padà. Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù wá lẹ́yìn náà pé kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ mú un lọ sílé, kí ẹ kà á tán, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ bá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fún yín, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á gan-an sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín.

Èsì kẹta, tó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín wa, ni pé wọn kò ní kọ nǹkan kan. Wọ́n á pè yín sí ọ́fíìsì, wọ́n á fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún yín, ẹ ó sì jáde láìsí àkọsílẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ wọn dé òpin. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ fèsì sórí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú gbólóhùn bí irú èyí: “Ẹ ṣeun fún àlàyé tí ẹ ṣe fún mi láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ẹ sọ pé àṣìṣe ni, àti pé ₦17,500 yóò padà wá pẹ̀lú owó oṣù kẹrin. Bí mo bá ṣì yín gbọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà.” Bí wọn kò bá ta ko ó, ọ̀rọ̀ ẹnu ti di ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn, a kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú gbólóhùn kan lórí rẹ̀ pé ẹ ń rán wọn létí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà nígbà yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, tí a mọ̀ sí PenCom. Àjọ náà ń gba ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní àwọn aṣojú tó máa ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ kò fi ránṣẹ́, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí ohun tí wọ́n jẹ. Ìwé owó oṣù, àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì àti ímeèlì yín ni wọn yóò béèrè. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo wọn síbi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n máa ń ti àpótí ímeèlì rẹ̀ pa.

Ẹ sọ pé kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún “wa”, èyí tó jẹ́ kí n rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ń sọ ọ́ láàárín ara yín. Ó dára kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀, pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ìwé kan tí ogún èèyàn fọwọ́ sí máa ń dà bí ìdìtẹ̀ lójú agbanisíṣẹ́ kí ó tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ìṣirò tó bá tiyín mu lè má bá ti ẹlòmíràn mu, tí wọ́n bá sì rí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n á fi ju gbogbo rẹ̀ nù.

Ohun kan tí PAYE yín tún fi hàn mí, tí kò sí nínú ìbéèrè yín: ẹ kò tíì mú ìwé owó ilé tí ẹ ń san lọ fún iléeṣẹ́. Òfin tuntun náà gbà pé kí a yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí òṣìṣẹ́ san lọ́dún kúrò kí a tó ṣírò owó orí rẹ̀, kó má ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Bí ẹ bá ń san ₦600,000 lọ́dún, ₦1,500 ni owó orí yín yóò fi dín lóṣooṣù. Ẹ fi ímeèlì mìíràn béèrè ìyẹn, ní ọjọ́ mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá wà nínú ìwé kan, èyí tó rọrùn ni wọn yóò dáhùn, wọn yóò sì fi èyí tó le sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé owó oṣù kẹrin bá dé, ẹ má wo PENSION nìkan. Mo ní kí owó náà padà gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe sí owó tí a yọ, nítorí pé bí wọ́n bá kọ ọ́ lókè gẹ́gẹ́ bí owó tó wọlé, sọ́fútíwíà yóò gba owó orí lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ti san owó orí lórí owó kan náà ní oṣù kẹta. Bí wọ́n bá tún un ṣe bó ṣe yẹ, PAYE yóò ṣì jẹ́ ₦25,400, NET PAY yóò sì jẹ́ ₦228,100, tí í ṣe ₦210,600 tó tọ́ sí yín lóṣooṣù pẹ̀lú ₦17,500 tí wọ́n dá padà. Bí NET PAY bá fi nǹkan bíi ₦2,600 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí ìyẹn, tí PAYE sì fi iye kan náà ga, ẹ fèsì sórí ímeèlì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sọ pé wọ́n ti ka owó tí wọ́n dá padà mọ́ owó oṣù, kí wọ́n gbé e sí ibi tó yẹ.